Àbẹ̀kẹ́, má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀

Ìkẹjà,
Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Jọ́ọ̀sì o. Bàbá àwọn ọmọ ń kọ́? Mo rí ímeèlì tí o fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ àná, mo sì ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Orí ẹ ṣe é tí wọ́n fi pè ọ́ wá sí ìntáfíù iṣẹ́ akọ̀wé owó ní Èkó níbí. O bi mí bóyá kí o kàn dá wọn lóhùn pé “ẹ ṣé, mo ń bọ̀”, kí o sì lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Rárá o. Má tíì ra nǹkan kan.

O mọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyẹn ní ọ́fíìsì wa. Èmi ni mo máa ń kọ irú ìwé ìpè bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó ń wá iṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi náà ni èsì wọn ń padà sí. Ẹni tó kọ tìrẹ yìí ń kánjú ni. Wò ó, ó ní “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹwàá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀”. Wo kàlẹ́ńdà ara ògiri rẹ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun bọ́ sí 14, Ọjọ́rú ni 15. Ọ̀kan nínú méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí o ṣe lè mọ èwo láti Jọ́ọ̀sì. Mo mọ ohun tó ń fà á, nítorí èmi náà ti ṣe é rí: èèyàn á ṣí ìwé tó fi pe àwọn ti oṣù tó kọjá, á pa déètì rẹ́, á kọ tuntun, á sì gbàgbé láti yí orúkọ ọjọ́ padà. Lọ́jọ́ tí mo ṣe tèmi, èèyàn mẹ́rin ló wá jókòó sí ọ́fíìsì wa láàárọ̀ nígbà tí ọ̀gá wà ní Àbújá. Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn márùn-ún tí mo pè ló kọ̀wé béèrè. Òun la gbà nígbẹ̀yìn, àmọ́ mi ò lè sọ pé torí ìyẹn ni o.

Àdírẹ́sì ló bà mí lẹ́rù jù. Nọ́ńbà ilé wà níbẹ̀, wọ́n wá kọ “Awolowo, Lagos” tẹ̀ lé e. Awólọ́wọ̀ wo? Awolowo Road wà ní Ìkòyí. Obafemi Awolowo Way wà níbí, ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá lọ sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kó gbàgbé ìntáfíù yẹn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan pè mí ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé òun ti rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òun ò rí pátákó wa. Mo ní kí ló wà lápá ọ̀tún rẹ? Ó ní òun ń wo Fálọ́mọ lọ́ọ̀ọ́kán, ní Ìkòyí lọ́hùn-ún. Mo fọwọ́ lé orí. Ìgbà tí yóò fi gun ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, aago méjìlá ti kọjá, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, àwọn tó fẹ́ rí i sì ti dìde. Àdírẹ́sì tí mo fi ránṣẹ́ sí i pé o, àmọ́ “Awólọ́wọ̀” nìkan ló dúró sí i lórí.

Torí náà, béèrè orúkọ títì náà ní kíkún, àdúgbò, àjà tí ọ́fíìsì wà, àti bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù tó sún mọ́ ọn jù. Má ṣe dijú tẹ̀ lé máàpù fóònù. Ó lè gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n ti tì pa, tàbí kó mú ọ dé títì kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ẹ̀yìn náà ni “kí o mú àwọn ìwé-ẹ̀rí rẹ dání”. Ìwé wo? Ojúlówó ni àbí fótòkọ́pì? Ohun tí a sábà máa ń fẹ́ wò ní ọ̀dọ̀ wa ni sátífíkéètì yunifásítì, ti WAEC, ti àgùnbánirọ̀, ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìwé tí wọ́n fi búra ọjọ́ orí ní kóòtù, àti nọ́ńbà NIN. Ojúlówó la fi ń wo fótòkọ́pì, a ó dá ojúlówó padà lójú ẹsẹ̀, fótòkọ́pì ló ń dúró sínú fáìlì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fi ojúlówó sílẹ̀ di ọ̀la, sọ fún un pé o máa padà mú un wá nígbà tí wọ́n bá gbà ọ́. Má fi sílẹ̀.

Èyí tó máa dà ọ́ láàmú, Àbẹ̀kẹ́, ni orúkọ. Orúkọ bàbá rẹ ló wà lórí WAEC àti ti yunifásítì, orúkọ ọkọ ló wà lórí NIN rẹ báyìí, orúkọ ọkọ yẹn náà ni o fi kọ̀wé béèrè iṣẹ́. Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́, èèyàn méjì nìyẹn. Mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ dání, ṣe fótòkọ́pì rẹ̀, kí o sì ti sọ ọ́ ní gbólóhùn kan nínú èsì rẹ kí wọ́n tó bi ọ́. Mo ti rí ibi tí ẹni tó ń yẹ ìwé wò ti gbé fáìlì obìnrin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ torí èyí nìkan, kò sì pè é láti béèrè. Ó kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni.

Mo tún ṣàkíyèsí pé kò sí orúkọ èèyàn kankan nísàlẹ̀ ímeèlì náà, “HR Team” lásán ni. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìntáfíù, mo máa ń tẹ orúkọ àwọn tó ti dáhùn sórí ìwé kan, màá sì fi sílẹ̀ fún bàbá ọlọ́dẹ ní géètì. Ẹni tí kò dáhùn kò sí lórí ìwé yẹn. Bí o bá dé, bàbá á ní “Ta lẹ wá rí?” Bí o bá ní “HR Team”, á ní kí o dúró sójú oòrùn ná. Bí o bá dárúkọ èèyàn, á tẹ̀ ẹ́ láago, á gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ, á sì fún ọ ní táàgì àlejò. Nítorí náà, béèrè orúkọ ẹni tí wàá bi léèrè ní géètì àti nọ́ńbà fóònù tó máa gbé láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àmọ́ kí o tó kọ̀wé rárá, wádìí wọn. Nọ́ńbà tó wà nínú ímeèlì kọ́ ni wàá pè o, nítorí bí ó bá jẹ́ gbájúẹ̀ ló kọ ọ́, gbájúẹ̀ náà ni yóò gbé e. Wá ìkànnì ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ, kí o pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, kí o sì béèrè bóyá wọ́n ń gba akọ̀wé owó. Wo ohun tó tẹ̀ lé àmì @ nínú àdírẹ́sì tó fi kọ̀wé sí ọ, ṣé orúkọ ìkànnì wọn náà ni àbí ti gmail ọ̀fẹ́? Gmail nìkan kò sọ wọ́n di olè, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù, tàbí kí o fi BVN rẹ ránṣẹ́ kí o tó dé, jókòó ti ọkọ rẹ ní Jọ́ọ̀sì.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti mọ́, abẹ́ ímeèlì wọn gan-an ni kí o ti dáhùn, má bẹ̀rẹ̀ tuntun, má sì yí àkọlé rẹ̀ padà, kí ẹni tó bá ṣí i lè rí ohun tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kó ẹlòmíràn mọ́ ọn, fi èsì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ṣe é lónìí. Ohun tí màá kọ tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dúpẹ́ fún ìwé tí ẹ fi pè mí sí ìntáfíù iṣẹ́ akọ̀wé owó. Mo máa wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ka sí ọjọ́ tó jẹ́: Ìṣẹ́gun bọ́ sí 14, Ọjọ́rú sì ni 15. Ṣé Obafemi Awolowo Way ní Ìkẹjà ni àbí Awolowo Road ní Ìkòyí, àjà wo sì ni? Mo máa mú ojúlówó àti fótòkọ́pì sátífíkéètì yunifásítì, WAEC àti àgùnbánirọ̀ dání, pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí, NIN àti ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, nítorí orúkọ bàbá mi ló wà lórí àwọn sátífíkéètì. Bí ó bá ku ohun kan, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Mo ń ti Jọ́ọ̀sì bọ̀, mo sì máa wà ní géètì ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ta ni kí n béèrè, nọ́ńbà wo ni mo sì lè pè?”

Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ rẹ ní kíkún bó ṣe wà nínú ìwé tí o fi béèrè iṣẹ́, àti nọ́ńbà fóònù rẹ. Ó tán. Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ ọ́, mo mọ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá kí o lè fi ẹnu ara rẹ tún un sọ ni. Lóṣù tó kọjá, èèyàn mẹ́ta fi lẹ́tà kan náà tí wọ́n dà kọ láti ibì kan ránṣẹ́ sí mi, ọ̀kan nínú wọn ò tilẹ̀ yọ “kọ orúkọ rẹ síbí” kúrò.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ tí mo ní kí o kọ yẹn, mo mọ ìdí. Bí o bá dé ní mẹ́sàn-án géérégé, o ṣì máa tò ní géètì, wàá kọ orúkọ sínú ìwé àlejò, wàá gun àtẹ̀gùn. Bí o bá sì dé ní aago méje, kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn fún ọ, wàá kàn dúró níta kí ìpara rẹ yọ́ tán. Má fi òru rin ìrìn náà kí o gba ọkọ̀ lọ sí ìntáfíù tààrà o. Ọjọ́ tó ṣáájú ni kí o wọ Èkó.

Bí wọn ò bá dáhùn títí di Ọjọ́bọ̀, pè wọ́n. Kí o sì máa wo àpótí tí ímeèlì àìfẹ́ ń bọ́ sí, ibẹ̀ ni èsì tèmi máa ń há sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Gbàrà tí wọ́n bá ti sọ Awólọ́wọ̀ tó jẹ́, tẹ̀ mí láago. Bí ó bá jẹ́ Ìkẹjà, ọ̀dọ̀ mi ni wàá sùn, màá sì fi ẹsẹ̀ ara mi sìn ọ́ dé géètì wọn. Bí ó bá jẹ́ Ìkòyí, màá ti bá àǹtí mi tó wà ní Ọbáléńdé sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń tètè tilẹ̀kùn.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́