Omi ọsàn gíréèpù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí àwọn bá ti lo oògùn lálẹ́, omi ọsàn gíréèpù àárọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan. Ó lè ṣe é. Èròjà kan wà lára ìfun tó máa ń fọ́ púpọ̀ nínú felodipínì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti simfasitatínì, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Ife gíréèpù kan ń ba èròjà náà jẹ́, ó sì lè tó ọjọ́ 3 kí ìfun tó ṣe òmíràn tán. Oògùn á wá pọ̀ jù lára. Òòyì lè máa kọ́ni, ẹsẹ̀ lè wú. Ti simfasitatínì ló burú jù: bí iṣan bá ń ro yín, tí ìtọ̀ sì dúdú, ẹ sáré lọ rí dókítà. Ọsàn mímu lásán kò ní wàhálà yìí.