Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi tó ń wáṣẹ́ ní bánkì

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo ti ka ímeèlì tí o fẹ́ fi béèrè iṣẹ́ ní bánkì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rín pa mí, nítorí ohùn rẹ ni mo ń gbọ́ gẹ́lẹ́. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, àyà mi já. “Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹni tí ẹ ti ń wá ló dé yìí!” Ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà tí o wà báyìí á gba irú ọ̀rọ̀ yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Àmọ́ ohun mìíràn ló wà lọ́kàn ẹni tó máa ṣí i ní bánkì: bí a bá jẹ́ kí ẹni yìí kọ̀wé sí oníbàárà lórúkọ wa, ṣé ọkàn wa á balẹ̀? Bánkì kì í pa ímeèlì òṣìṣẹ́ rẹ́ bọ̀rọ̀. Ọ́dítọ̀ lè kà á lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé ẹjọ́ náà lè ní kí wọ́n gbé e wá. Èyí tí o kọ yìí ni wọ́n máa fi díwọ̀n àwọn tí wàá máa kọ lórúkọ wọn.

Àkọlé rẹ, “Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀!”, yọ ọ́ kúrò. Orúkọ iṣẹ́ náà, nọ́ńbà tó wà lára ìkéde wọn àti orúkọ rẹ ti tó. Bí ìkéde náà bá dárúkọ ẹni tí wàá kọ̀wé sí, orúkọ ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú oyè rẹ̀ ni kí o fi kí i. Bí kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, “Sí Ọ̀gá tó ń rí sí ìgbanisíṣẹ́” dára. Àmì ìyanu méje ni mo kà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín méjì. Yọ gbogbo wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ìpínrọ̀ kejì. O ní, “Ògbóǹtarìgì ni mí nínú gbígba gbèsè, mo sì fẹ́ràn nọ́ńbà bí ẹ̀mí mi.” Ta ni yóò yẹ èyí wò? Rántí ohun tí o kọ sí mi lọ́dún tó kọjá, kí o wá kọ ọ́ báyìí: “Ìwé tí a fi ń béèrè owó lọ́wọ́ oníbàárà, bí 60, ni mo ń bójú tó lóṣooṣù. Láàárín ọdún kan, iye àwọn tó ń kọjá 30 ọjọ́ láìsan dín kù láti 18 sí 5, lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìránnilétí ránṣẹ́ sí oníbàárà ní ọjọ́ 7 ṣáájú ọjọ́ ìsanwó.” O ò yin ara rẹ rárá níbẹ̀. Ẹni tó ń kà á ló máa yìn ọ́ fúnra rẹ̀, torí ó rí ohun tí o ṣe àti bí o ṣe ṣe é.

Ṣùgbọ́n o tún dárúkọ oníbàárà tó jẹ yín lówó jù, o sì kọ iye tó jẹ. Jọ̀ọ́, yọ ọ́ kíá! Mo wà níbi tí wọ́n ti ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò rí. Ẹnì kan tó mọṣẹ́ dáadáa to orúkọ àwọn oníbàárà bánkì tó ti ń bọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú owó tó wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá wa kò ka ìwé náà parí. Ó ní, “Lọ́la, orúkọ tiwa ló máa tò.” “Oníbàárà ńlá kan” ti tó ọ.

Má sì wá tìtorí èyí dọ̀bálẹ̀ fún wọn nínú ìwé o. “Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ àti omijé bẹ̀ yín” kò dára ju àwàdà rẹ lọ. “Mo kọ̀wé láti béèrè fún iṣẹ́ olùyẹ̀wò ẹ̀yáwó” ti mú ọ̀wọ̀ dání. Kì í ṣe gbogbo bánkì ló sì le tó ara wọn. Ẹ̀ka tó ń ṣe áàpù lè kọ ìkéde rẹ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ohùn ìkéde náà ni kí o gbọ́, kí tìrẹ wá fi díẹ̀ le jù ú lọ.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: orúkọ fáìlì rẹ, `CV_final_final2.pdf`! Orúkọ rẹ ni kí o fi sọ ọ́. Àdírẹ́sì ímeèlì tó ní orúkọ ìnagijẹ yẹn ńkọ́? Ṣí òmíràn. Kí o sì fi àdírẹ́sì bánkì sí i kẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn tí o bá ti so fáìlì mọ́ ọn, tí o sì ti rí i dájú pé orúkọ bánkì mìíràn kò ṣẹ́ kù sínú ìwé náà.

Tún un kọ kó má ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Àwàdà rẹ nípa ẹ̀rọ ìṣírò yẹn, fi pamọ́ de ọjọ́ tí ìwọ àti wọn bá jókòó. Ó pa mí lẹ́rìn-ín ní tòótọ́.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́