Ìrẹsì inú tìréè ńlá

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ímeèlì rẹ dé ọwọ́ mi lánàá. Ó dùn mí gan-an pé ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì páátì tí o fi gbogbo òwúrọ̀ sè nínú tìréè ńlá ní ófùnù jóná, tí àárín rẹ̀ sì ṣì ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Má dá ata lẹ́bi o. Bí ìrẹsì ṣe nípọn nínú tìréè yẹn ló fa gbogbo rẹ̀.

O ní nínú àwo kékeré rẹ, ìrẹsì a máa ga tó sẹ̀ǹtímítà 5, ìṣẹ́jú 35 a sì tó o. Ti páátì ga tó 10, o wá sọ ìṣẹ́jú 35 di 70. Ooru kì í rìn bẹ́ẹ̀. Nínú ìkòkò, o lè fi ṣíbí onígi yí ìrẹsì kí iná kárí. Nínú ófùnù, kò sẹ́ni tó ń yí i. Etí àti ìsàlẹ̀ tìréè ni ooru ń gbà wọlé, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa ti hóró kan bọ́ sí èkejì títí yóò fi dé àárín. Tí ìrẹsì bá nípọn ní ìlọ́po méjì, àkókò tí àárín máa fi gbóná lè sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin, pàápàá tí o bá kó o wọlé ní tútù. Nígbà tí àárín fi máa jinná, etí ti gbẹ tán.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi iná líle lé e. 160 dígíì ni mo máa ń lò. Mo ń se ọbẹ̀ ata títí yóò fi hó, mo ń dà á lé ìrẹsì tí mo ti bọ̀ tó ṣì gbóná, mo sì ń fi fọ́ìlì dé e pinpin, torí atẹ́gùn gbígbóná inú rẹ̀ ló ń bá wa se àárín. Bí fọ́ìlì bá ṣí sílẹ̀ níbì kan, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Lẹ́yìn wákàtí kan ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò.

Má wo etí rárá. Ki ọ̀bẹ bọ àárín gan-an, kà dé mẹ́wàá, yọ ọ́, kí o rọra fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ. Bí ọ̀bẹ bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, dá tìréè padà sí ófùnù. Lẹ́yìn náà, mú hóró mẹ́ta láti àárín, kí o fi ìka tẹ̀ wọ́n. Tí o bá ṣì rí funfun líle nínú wọn, wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, dé e, fún un ní ìṣẹ́jú 15.

Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní kó o sí tìréè kan. Pín in sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó 5. Yóò sún mọ́ àkókò tí o ti mọ̀, àfi pé wàá fi bí ìṣẹ́jú 10 kún un torí ófùnù ti kún. Fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, kí o sì pààrọ̀ ti òkè sí ìsàlẹ̀ ní agbedeméjì.

Kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ Àìkú, kí o sọ iye ìṣẹ́jú tí ófùnù tìrẹ gbà. Bá mi kí àwọn ìbejì.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Alásè