Lẹ́tà kẹrin lórí lífìtì tó ń há èèyàn mọ́

Sí Alábòójútó Ilé,
Adó-Èkìtì.

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní tún nọ́ńbà ọ́fíìsì wa kọ, mi ò sì ní ṣàlàyé irú lífìtì tó wà nílé yìí, torí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú fáìlì yín láti ìgbà lẹ́tà àkọ́kọ́. Bí fáìlì náà bá ti sọnù, ẹ bi akọ̀wé yín. Òun ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wa, tó sì tẹ òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tiwa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, iná ọba lọ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sàn-án, lífìtì sì dúró láàárín àjà kejì àti àjà kẹta. Èèyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, aláboyún kan wà láàárín wọn. Ìṣẹ́jú 52 ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọ́n pe nọ́ńbà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri lífìtì, ọmọ iṣẹ́ yín gbé e, ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, tí iná bá ti dé, ẹ ó jáde." Wọ́n tún pè é, ó ní, "Ṣé èmi ni mo mú iná lọ ni?" Ó sì gé ìpè náà. Ní ìgbà kẹta, kò gbé e mọ́. Nígbà tí a wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ kejì, arákùnrin yìí kan náà ló ní kí a máa gba àtẹ̀gùn. A dúpẹ́ o. Ọmọ Èkìtì kì í bẹ̀rù òkè, àmọ́ owó lífìtì ni ẹ ń gbà lọ́wọ́ wa lóṣooṣù, kì í ṣe owó òkè gígùn.

Ohun tó bí wa nínú jù ni pé iná tó ní kí wọ́n máa retí ti dé. Jẹnẹrétọ̀ ti dún kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Gílóòbù inú lífìtì tàn, fáànù ń fẹ́, síbẹ̀ lífìtì kò mira. Nígbà tí iná ọba padà dé ló tó gbéra. Bó ṣe rí ní ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ náà nìyẹn, a sì kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà kejì. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó kà á, ẹ jẹ́ kí n tún un kọ.

Wáyà iná kan ṣoṣo ni gílóòbù àti fáànù ń lò. Mọ́tò tó ń fa lífìtì ń lo mẹ́ta, ètò tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń tẹ̀ lé ara wọn ló sì ń sọ apá ibi tí mọ́tò máa yí sí. Bí ètò náà bá yí padà, mọ́tò lè máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti ní kó gòkè. Nítorí èyí ni wọ́n fi rìlé kékeré kan sínú pánẹ́ẹ̀lì lífìtì. Tó bá rí i pé ètò ti dàrú, kò ní jẹ́ kí mọ́tò ṣiṣẹ́ rárá. Rìlé yín ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ká má purọ́ mọ́ ọn. Àtìgbà tí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ tún ṣe tí wọ́n sì dá a padà ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó so wáyà rẹ̀ padà ló gbé méjì fún ara wọn. Bí ẹ bá ń jiyàn, ẹ wo ẹ̀rọ tó ń fa omi bọ́hóò ilé yìí, oníwáyà mẹ́ta lòun náà. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí, ó ń dún, àmọ́ omi kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè, nítorí ó ń yí sẹ́yìn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí onímọ̀ iná pa jẹnẹrétọ̀, kó ti ṣéńjíófà pa, kó wá pààrọ̀ méjì nínú wáyà mẹ́ta náà níbi tí wọ́n ti wọlé láti ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀. Kó má fọwọ́ kan pánẹ́ẹ̀lì lífìtì o. Tó bá pààrọ̀ wọn níbẹ̀, lífìtì á máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, á wá kọ iná ọba.

Ká tiẹ̀ ní jẹnẹrétọ̀ kò sí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni há. Bátìrì mẹ́rin, 12 fólítì ọ̀kọ̀ọ̀kan, wà lókè fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹ kó rọra gbé lífìtì dé àjà tó bá sún mọ́ ọn, kí ilẹ̀kùn sì ṣí fúnra rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa pààrọ̀ àwọn bátìrì náà," ni ẹ sọ fún wa nínú oṣù kẹta. Oṣù keje la wà yìí. Oníṣẹ́ tí ẹ rán wá gbé mítà lé wọn, ó rí 12.4 lórí gbogbo wọn, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ. Bátìrì tó ti kú náà lè fi 12.4 hàn tí kò bá sí iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá gbé lífìtì òfìfo sáàárín àjà méjì, tí ẹ pa iná rẹ̀ láti òkè, ni ẹ máa mọ òótọ́. Tí ọ̀kan bá já sí 8 nígbà tó ń fà á, ó ti bà á jẹ́ fún mẹ́ta tó kù, torí wọ́n so kọ́ra ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ mẹ́gáàdì yín. Ó fi irin ṣí ilẹ̀kùn àjà kejì, ó ní kí wọ́n máa fò. Ìsàlẹ̀ lífìtì wà ní ìwọ̀n àyà èèyàn, ihò gbalasa sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó lọ tààrà dé ìsàlẹ̀ ilé. Ẹni tó bá fò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ sẹ́yìn, inú ihò yẹn ló ń lọ. Ọlọ́run ló fún aláboyún yẹn lọ́gbọ́n tó fi kọ̀ jálẹ̀, àwọn yòókù sì dúró tì í. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyí: kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná lífìtì pátápátá, kí ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n gòkè lọ sídìí mọ́tò lífìtì, kí ọ̀kan máa tú búréèkì díẹ̀díẹ̀, kí èkejì di kẹ̀kẹ́ mọ́tò mú, kó sì máa yí i títí àmì ọ̀dà tó wà lára okùn yóò fi bọ́ sí ojú ibi tó ń fi àjà hàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́ta ṣí ilẹ̀kùn. Lífìtì ẹlẹ́ni mẹ́jọ ni tiyín. Pẹ̀lú èèyàn márùn-ún nínú rẹ̀, òun àti irin ńlá tó wà lódìkejì okùn rẹ̀ tó ń bá a dọ́gba fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà, kò ní gbéra fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n máa fi yí i.

Ọjọ́ méje la fún yín. Kí ẹ tún wáyà jẹnẹrétọ̀ so, kí ẹ pààrọ̀ bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ dán an wò lójú wa. Kí ẹ kọ́ ẹni méjì níṣẹ́ yìí, kí ẹ sì gba irin lọ́wọ́ mẹ́gáàdì. Kí arákùnrin orí fóònù yẹn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn márààrún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ́fíìsì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà nílé yìí kò ní san owó ìtọ́jú ilé lóṣù tó ń bọ̀, a ti fọwọ́ sí i. Lẹ́tà karùn-ún kò sì ní wá sọ́dọ̀ yín. Ọ̀dọ̀ àwọn olùbẹ̀wò ààbò ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń lọ, pẹ̀lú fídíò mẹ́gáàdì àti irin rẹ̀.

Èmi ni,
Akọ̀wé àwọn ayálégbé,
Àjà kẹta.