Àdùkẹ́, oúnjẹ alẹ́ ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe

Àdùkẹ́ mi,

Mo rí mẹ́sẹ́èjì rẹ lóru, oorun sì dá lójú mi pátápátá. O ní dókítà sọ pé ọgbẹ́ wà nínú ikùn rẹ, ásíìdì tún ń ru gòkè wá sí ọ̀fun, o wá jókòó kọ gbogbo ohun tó ò ní jẹ mọ́ láyé yìí. Nígbà tí mo dé ibi tó o kọ "omi" sí pẹ̀lú àmì ìbéèrè, ẹ̀rín pa mí. Àmọ́ ibi tó o ti ní búrẹ́dì àti tíì nìkan lò ń jẹ látìgbà yẹn, mi ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀ o. Ta ló ní kó o máa fi ebi pa ara ẹ?

Kí n yára sọ ìròyìn tó kù: àwọn ọmọ wà dáadáa, iṣẹ́ ń lọ, mo gé irun mi mọ́lẹ̀, wọ́n ní mo wá jọ bàbá mi. Ó tán.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, èmi ni mo sì ń dáná fún wọn látìgbà tí wọ́n ti ki rọ́bà tó ní kámẹ́rà bọ̀ wọ́n lọ́fun tí wọ́n sì rí ọgbẹ́ nínú ikùn wọn. Nǹkan àkọ́kọ́ tí dókítà wọn sọ ni pé oúnjẹ kọ́ ló sábà máa ń dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀, oúnjẹ kọ́ ló sì ń wò ó. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní páílórì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, àti àwọn oògùn ìrora kan. Ata àti ìrònú ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀, títí dókítà kan ní Ọsirélíà, Barry Marshall, fi gbé kòkòrò náà mu fúnra ẹ̀ lọ́dún 1984, tí ara inú ikùn ẹ̀ wú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n fún òun àti ẹnì kejì ẹ̀ ní ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Ọkùnrin yẹn láyà o! Nítorí náà iṣẹ́ oúnjẹ ò ju pé kó má tún máa ta ọgbẹ́ náà nígbà tí oògùn ń ṣiṣẹ́, kó o má sì rù.

Ti ásíìdì tó ń ru gòkè ni oúnjẹ ti lágbára jù, ìyẹn sì lohun tó ń dà ẹ́ láàmú lóru. Iṣan kan wà láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn tó ń ṣe bí ilẹ̀kùn. Tí ikùn bá kún jù, tàbí tó o bá dùbúlẹ̀ lórí oúnjẹ, ilẹ̀kùn yẹn ò ní tì dáadáa. Ọ̀rá máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn, ṣokoléètì, ọtí àti míǹtì sì máa ń dẹ iṣan náà. Bẹ́ẹ̀ ni, míǹtì, súìtì tó o máa ń lá lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹnu lè tù ẹ́ yẹn.

Oúnjẹ alẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń jẹun, àwo ńlá, aago mẹ́wàá wọ́n ti dùbúlẹ̀, ó di òru wọ́n á máa gùnfẹ̀ kíkan. Ní báyìí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ń jẹ, wákàtí mẹ́ta ó lé kí wọ́n tó sùn, oúnjẹ náà ò sì pọ̀: ọ̀dùnkún sísè tí mo gún pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ẹja tí mo fi ooru omi sè láìdín, karọ́ọ̀tì tó rọ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá jẹun tán mi ò ní jẹ́ kí wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àga, àwọn ni wọ́n ń fọ abọ́ (wọ́n ní mò ń fìyà jẹ àgbà). A gbé pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi orí kó fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Má to pílò jọ o, ṣe ló máa ká ikùn rẹ. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kó o sì máa fi sùn.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, oògùn tó ń dín ásíìdì kù ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí wọ́n tó jẹun, torí ìgbà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Mo wá máa ń fi omi se ààbọ̀ ife óòtì, màá da mílíìkì tí ò lọ́ràá díẹ̀ sí i, màá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n sórí ẹ̀. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹyin sísè kan. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹun jù: ìrẹsì ife kan, adìyẹ tí mo bọ́ awọ ẹ̀ kúrò, tó tó àtẹ́lẹwọ́, àti ọbẹ̀ tí mo fi karọ́ọ̀tì àti elégédé ṣe dípò tòmátì. Màá sè é kó rọ̀, màá lọ̀ ọ́, màá fi òróró ṣíbí kékeré kan sí i. Wọ́n kọ́kọ́ ń yínmú sí i, ní báyìí wọ́n ń béèrè ẹ̀. Mílíìkì tútù tí wọ́n ní kó o máa mu nígbà gbogbo, ó máa tù ẹ́ fúngbà díẹ̀ ni, ásíìdì á tún tẹ̀ lé e.

Nígbà tí inú ti rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, a bẹ̀rẹ̀ sí í dá nǹkan padà, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀, lọ́sàn-án, a sì ń ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tòmátì ò gbà wọ́n rárá, kọfí náà, àmọ́ ata díẹ̀ ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ara tìẹ lè má rí bẹ́ẹ̀, torí náà ya ìwé gígùn yẹn dànù jàre.

Ó yá, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ń kọ lẹ́tà ńkọ́? Orúnkún rẹ. Ṣé o ṣì ń gbé oògùn ìrora tó o máa ń fi pamọ́ sínú báàgì yẹn mì? Tó bá jẹ́ ibupurófẹ̀nì tàbí ẹ̀yà ẹ̀, ó lè jẹ́ òun gan-an ló dá ọgbẹ́ náà, ohunkóhun tá a bá sè lófo ni. Mo mọ̀ pé o ò sọ fún dókítà. Sọ fún un. Béèrè pé ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún páílórì, kó o sì rántí pé oògùn ásíìdì tó ò ń lò lè jẹ́ kí àyẹ̀wò náà sọ pé kò sí kòkòrò nígbà tó wà, wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó ṣe é. Má dá a dúró fúnra ẹ o, dókítà ni kó sọ ọ́.

Tó o bá yàgbẹ́ tó dúdú kirikiri tó ń lẹ̀, tàbí tó o bì ẹ̀jẹ̀, tàbí ìrora dédé gún ẹ níkùn tí ò dáwọ́ dúró, má pè mí, má kọ lẹ́tà, ọsibítù ni kó o gbà lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lónìí, ya fọ́tò ike oògùn orúnkún yẹn ránṣẹ́ sí mi, kí orúkọ ara ẹ̀ hàn. Má ya ti fítámì o, mo mọ̀ ẹ́.

Èmi ni,
Fọlákẹ́