Báyọ̀, o na mẹ́rin, rétínǹgì rẹ sì wálẹ̀

Ìbàdàn

Báyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Leeds ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a ń bá a yí. Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo tún un kà, ẹ̀rín pa mí débi pé ìyá àwọn ọmọ bi mí bóyá owó lo fi ránṣẹ́. O ní o ta ṣẹ́ẹ̀sì márùn-ún ní ìdíje òpin ọ̀sẹ̀, o na ẹni mẹ́rin, ẹnì kan péré ló nà ẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù tí FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, gbé rétínǹgì tuntun jáde, nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára oníkálukú ti tó, o bá 1794 níbi tí 1800 wà tẹ́lẹ̀. O ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Báyọ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ o. Mo ti bá ẹ ṣírò rẹ̀, ó pé géérégé.

Rétínǹgì kì í ka iye ẹni tí o nà. Ohun tó ń wò ni iye tí wọ́n ti retí lọ́wọ́ rẹ kí o tó jókòó, àti bóyá o mú un wá. Arpad Elo ló gbé ètò náà kalẹ̀, ọmọ Hungary tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, FIDE sì gbà á wọlé ní 1970. Ṣé o rántí ayò abẹ́ igi nílé bàbá yín? Bí ọ̀ta bá pa òpè, ta ló ń pariwo? Wọ́n á kàn tún ọmọ ayò dà sílé ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òpè bá pa ọ̀ta, ará ilé kejì á gbọ́. Elo kàn fi nọ́ńbà sí ariwo yẹn ni.

Jẹ́ ká wá sórí tìẹ. O ní àwọn mẹ́rin tí o nà kò ju 1500 lọ, kò sì dín sí i. Ìwọ wà ní 1800, 300 lo fi jù wọ́n. Nínú tábìlì FIDE, ẹni tó bá fi 300 ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, 0.85 ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ nínú géèmù kan. Nígbà tí o nà á, 1 lo gbà, wọ́n yọ 0.85 tí wọ́n ti retí kúrò, ó ku 0.15. Wọ́n wá sọ ìyẹn di ìlọ́po 20, ó di máàkì 3. Ẹni mẹ́rin, máàkì 12.

Ó wá ku ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá tí o ní ó ń jẹ bísíkíìtì lójú rẹ nígbà tó ń gba ayaba rẹ lọ. 1400 ló wà lórí orúkọ tiẹ̀. 400 lo fi jù ú, 0.92 ni wọ́n sì retí lọ́wọ́ rẹ. O mú òdo wá. 0.92 lọ́nà 20 jẹ́ 18.4, gbogbo rẹ̀ ló sì lọ. Mú 18.4 kúrò nínú 12, o jẹ gbèsè 6.4. 1800 di 1793.6, wọ́n sún un sí 1794. Tí o bá fẹ́ ọ̀nà tó yá jù, ro gbogbo ohun tí wọ́n retí pọ̀: 0.85 mẹ́rin àti 0.92, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4.32. Ìwọ mú 4 wá. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí.

Nítorí náà, kò sí géèmù tí o nà tó yọ máàkì rẹ. Ọ̀kan tí wọ́n fi nà ẹ́ ló gba gbogbo èrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì tún bù kún un. Kí o tó fi irú àwọn 1500 yẹn san gbèsè ọmọ yẹn tán, ẹni méje lo ní láti nà, torí tí o bá na mẹ́fà, ó ṣì ku 0.4. Tó bá jẹ́ pé 1800 bíi tìẹ ni gbogbo àwọn márààrún, 0.5 ni wọ́n á retí lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin tí o nà á fún ẹ ní 40, ọ̀kan tí wọ́n fi nà ẹ́ á gba 10, ìwọ ì bá sì wà ní 1830 báyìí.

20 yẹn, K ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń lo 40 títí yóò fi ta géèmù ọgbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó ń lo 20, ó sì di 10 tó bá ti kan 2400. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ń lo 40 ní tiwọn níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá tíì dé 2300. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí ìwọ ń sunkún 18.4, ọmọ oníbísíkíìtì yẹn ń kó 36.8 lọ ilé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì lójoojúmọ́, nọ́ńbà ara rẹ̀ kì í bá a rìn pọ̀. 1400 tí o rí jẹ́ agbára rẹ̀ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kì í ṣe ti àárọ̀ tí ẹ jókòó. Àléébù ètò náà nìyẹn lójú tèmi: ó ń fi àná wọn òní, àgbàlagbà bíi tiwa ló sì ń san owó rẹ̀.

O tún ní o kúrò ní ipò kẹsàn-án sí ìkejìlá nínú kílọ́ọ̀bù yín, pé àwọn mẹ́ta tó kọjá ẹ kò tilẹ̀ ta ṣẹ́ẹ̀sì kankan lóṣù yẹn. Wọn ò ní láti ta a. Tí ẹnì kan bá wà ní 1795, ẹlòmíì ní 1797, ẹlòmíì ní 1799, ìwọ lo sọ̀ kalẹ̀ kọjá níwájú wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ìrẹsì jẹ́jẹ́ nílé.

Tó bá ṣì ń dùn ẹ́, ọ̀hún ni o wà ní 2022 nígbà tí Novak Djokovic gba Wimbledon. Ó na Nick Kyrgios ní àṣekágbá lọ́jọ́ kẹwàá oṣù keje. Lọ́jọ́ kejì, ó kúrò ní ipò kẹta láyé sí ipò keje! Ètò tẹ́níìsì yàtọ̀ sí tiwa. Wọn kì í wo bí ẹni tí o nà ti lágbára tó, ibi tí o dé nínú ìdíje ni wọ́n ń san póìntì lé, póìntì yẹn sì ń pé ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta kí ó tó jábọ́. 2,000 tí ó rí gbà ní Wimbledon 2021 ló jábọ́. Àwọn aṣètò Wimbledon ti ní kí àwọn ọmọ Russia àti Belarus má wá lọ́dún náà, ni ATP àti WTA, àwọn tó ń darí tẹ́níìsì ọkùnrin àti ti obìnrin, bá ní àwọn ò ní san póìntì kankan lórí rẹ̀. Ó gbé ife, òdo ló bá a délé. Elena Rybakina tó gba ti àwọn obìnrin náà kò kúrò ní ipò kẹtàlélógún tó wà tẹ́lẹ̀.

Ọdún tí wọ́n bá tilẹ̀ sanwó pé, ó ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ní báyìí, ọkùnrin tó bá dé ìpele mẹ́rin tó kẹ́yìn ní Wimbledon ń gba 800, ẹni tó bá dúró sí mẹ́jọ tó kẹ́yìn ń gba 400. Ẹni tó gba 800 lọ́dún tó kọjá, tó wá na ẹni mẹ́rin lọ́dún yìí kí wọ́n tó nà án, 400 ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi náà kò mọ́ lára o. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi kọ̀ láti ta ṣẹ́ẹ̀sì ìdíje kankan nígbà kan, mo ń gbé nọ́ńbà mi bí ẹyin, mo ń sọ fún ọ̀gá wa pé orí ń fọ́ mi. Ìgbà tí mo padà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ló kọ́kọ́ bù ú lọ́wọ́ mi.

Tó bá di ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, bá mi wo iye tí ọmọ oníbísíkíìtì wà. Mo fẹ́ fi owó lé e pé ó ti kọjá 1500. Kí Fúnkẹ́ àti àwọn ọmọ fún mi. Èlùbọ́ tí o ní kí n wá ti wà nílẹ̀, ẹni tó máa gbé e bọ̀ ló kù.

Èmi ni,
Múyìíwá