Ẹja Ló Ń Bọ́ Epo Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọwọ́ bọ òwò,

Ọ̀kan nínú yín wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ọjà òun ń yá, àmọ́ òun ò rí èrè dì mú. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn ní ọdún 2023, èmi tí mo ti pẹ́ nídìí epo pupa lọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn.

Nígbà náà, 30,000 náírà ni mo ń ra kẹ́ẹ̀gì epo oní-lítà 25, mo sì ń ta ìgò kọ̀ọ̀kan ní 1,000. Ìgò tí a fi ń wọn epo gba sẹntilítà 75, nítorí náà ìgò 33 ló yẹ kó jáde nínú kẹ́ẹ̀gì kan. 33,000 rèé, èrè 3,000 rèé. Orí ni mo ti ṣe ìṣirò náà láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò sì padà yẹ̀ ẹ́ wò.

Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ tún epo rà, mo máa ń fi owó ẹja gbígbẹ kún un kó tó pé. Àpò kan ṣoṣo ni mo so mọ́dìí. Owó epo, owó ẹja, owó iyọ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wọ̀. Àpò ọ̀hún kì í gbẹ, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n fura. Nígbà tí mo wá fura, ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà ni mo kọ́kọ́ fura sí, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Mo wá ran àpò kejì fún owó epo nìkan. Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì tuntun láàárọ̀, mo sì ní kí ọmọ náà máa ju hóró àgbàdo kan sínú ife fún ìgò kọ̀ọ̀kan tí a bá tà. A ò ta àwìn rárá. Ní ìrọ̀lẹ́, a da àgbàdo sílẹ̀, a ka owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: hóró 17, 17,000 náírà. Ìrọ̀lẹ́ kejì ni kẹ́ẹ̀gì tán, hóró sì di 31. Owó náà jẹ́ 31,000. Ẹnikẹ́ni ò jí kọ́bọ̀. Ìgò méjì ló kàn sọnù.

Mo tẹ kẹ́ẹ̀gì náà, mo sì gbọn ìdí rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní rà ló kù síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò kan. Ìgò kejì le díẹ̀ láti rí. Ọmọ ọmọ mi ní ife ìdíwọ̀n tó fi ń ṣe kéèkì. A rọ omi kún ìgò mi títí dé ẹnu, bí mo ṣe máa ń rọ epo, a sì dà á sínú ife. Sẹntilítà 78! Èènì mi nìyẹn, tí gbogbo ọjà fi ń yìn mí. Sẹntilítà mẹ́ta mẹ́ta, lórí ìgò 31, ti ju odindi ìgò kan lọ. Nígbà tí epo pọ̀ tó sì pọ́ọ́kú, èènì yẹn ò dùn mí. Iye epo ti gòkè, ọwọ́ mi ò tíì gbọ́.

Èyí tó kù ni owó ọkọ̀ àti ti alábàárù. Tẹ́lẹ̀, n kì í kà á, nítorí kò tó nǹkan. Àmọ́ lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún yẹn, owó ọkọ̀ kẹ́ẹ̀gì kan di 1,000, alábàárù sì ń gba 500. Kẹ́ẹ̀gì tí mo ń pè ní 30,000 ti di 31,500 kó tó dé ìsọ̀ mi, mo sì ń tà á ní 31,000. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo ń fi sanwó kí n lè ta kẹ́ẹ̀gì kan. Bí mo bá sì ta kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lọ́sẹ̀, tí ọjà sì yá gan-an, 2,000 ló ń lọ. Ọjà tó ń yá ló ń pa mí lára jù.

Mo sọ ìgò di 1,100. Mo so òwú pupa mọ́ ọrùn ìgò tí mo fi ń wọn epo, níbi tí sẹntilítà 75 dé, epo ò sì gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Mo wá ń jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì jókòó jẹ́ẹ́ kó tòrò lójú ẹni tó ń tà á fún mi kí n tó rà á, kí n lè rí iye gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀. Èrè tó wọlé ò tó 3,000 tí mo ń lá àlá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí owó ìsọ̀ ṣì wà níta, ṣùgbọ́n ẹja ò bọ́ epo mọ́.

Àwọn oníbàárà kan bínú lọ. Ọ̀kan dúró, ó wo òwú pupa náà, ó ní, "Ìyá, ìgò yín ti ń gbààwẹ̀ o."

Mo ní kò gbààwẹ̀, ó kàn jáwọ́ nínú àjẹkì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ra méjì.

Èmi ni ìyá yín,
Ìyá Alépo, Bódìjà